Owó ìpolówó: ṣé ká bù ú lára owó tó wọlé, àbí ká bi iṣẹ́ léèrè iye tó máa gbà?

Alhájà kan tó ń ta èlùbọ́ ní Ọ̀fà gbé ìwé owó rẹ̀ wá bá mi ní àdúgbò Táíwò ní Ìlọrin, ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn Iléyá. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Ọmọ mi, ẹnì kan ní kí n máa yọ ìdá 5 nínú 100 lára gbogbo owó tó bá wọlé, kí n máa fi polówó. Ọmọ bíbí inú mi tó wà ní Yunifásítì ní irọ́ ni, ó ní kí n kọ́kọ́ sọ iye oníbàárà tí mo fẹ́ kí n tó sọ iye owó. Èwo ni kí n tẹ̀ lé?"

Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo èrè orí ọ̀rá kan ná." Ojú tó fi wò mí fi hàn pé kì í ṣe ohun tó bi mí nìyẹn.

Iṣẹ́ ìwé owó àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké ni mò ń ṣe ní Ìlọrin, ìbéèrè Alhájà yìí sì ni mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu ẹni tí ọjà rẹ̀ ti ń gbòòrò. Mo ti yí àwọn iye owó rẹ̀ padà díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀, ṣùgbọ́n bí ìṣirò náà ṣe lọ ni mo fẹ́ ká jọ tẹ̀ lé.

Gbodo ló ń rà. Ó ń lọ̀ ọ́, ó ń kù ú, ó sì ń dì í sínú ọ̀rá kílò méjì. ₦4,000 ló ń ta ọ̀rá kan. Tí a bá ro owó gbodo, ẹ̀rọ, ọ̀rá àti mọ́tò pọ̀, ₦2,800 ni ọ̀rá kan ń ná an, ₦1,200 ló sì ń kù lórí rẹ̀. Ọ̀fà, Ẹ̀rìn-Ilé àti Ìjàgbó ló ti ń tà á, ọ̀rá 500 lóṣù. Ìyẹn ni mílíọ̀nù 2 náírà tó ń wọlé lóṣù, mílíọ̀nù 24 lọ́dún. Owó òṣìṣẹ́ méjì, owó ilé, iná, àti èyí tí òun fúnra rẹ̀ ń gbà fún oúnjẹ ń kó ₦400,000 lọ lóṣù. Nínú ₦600,000 tó jẹ́ èrè orí ọ̀rá 500, ₦200,000 ló ń ṣẹ́ kù, mílíọ̀nù 2.4 lọ́dún. Kò jẹ gbèsè, ó ti ní nọ́ńbà NAFDAC, ó wá fẹ́ wọ Ìlọrin.

Ìdá lára owó tó wọlé

Ọ̀nà yìí rọrùn, n kò sì ní bú u nítorí pé ó rọrùn. Ẹ mú owó tó wọlé lọ́dún tó kọjá, tàbí èyí tí ẹ rò pé ó máa wọlé lọ́dún yìí, ẹ yọ ìdá kan nínú rẹ̀, ó parí. Ìdá 5 lára mílíọ̀nù 24 jẹ́ mílíọ̀nù 1.2, ìyẹn ₦100,000 lóṣù. Kò sí àríyànjiyàn láàárín tọkọtaya tàbí láàárín àwọn tó da owó pọ̀. Bí ọjà bá fà sẹ́yìn, owó ìpolówó náà á fà sẹ́yìn, kò sì ní pa iléeṣẹ́.

Ibi tó ti ń tan èèyàn jẹ ni pé orí owó tó wọlé la ti ń ka ìdá náà, bẹ́ẹ̀ orí èrè la ti ń san án. Ìdá 5 dún bí ohun kékeré létí. Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ mílíọ̀nù 2.4 tó ń ṣẹ́ kù fún Alhájà: ìdajì rẹ̀ géérégé ni mílíọ̀nù 1.2. Kó tó rí owó yẹn padà, ó gbọ́dọ̀ ta ọ̀rá 1,000 lé orí èyí tó ń tà tẹ́lẹ̀, nítorí ₦1,200 péré ni ọ̀rá kọ̀ọ̀kan ń mú wá. Ọ̀rá 1,000 jẹ́ ọjà oṣù méjì. Ìdá 5 kan náà lọ́wọ́ aránṣọ tí ₦700 ń kù fún lórí ₦1,000 kì í ṣe ẹrù rárá, torí ìyẹn kàn ń yọ ₦50 nínú ₦700 ni. Lórí ₦1,000 Alhájà, ₦300 ló ń kù. Ẹni tó bá ní kí gbogbo oníṣòwò yọ ìdá kan náà kò tíì béèrè èrè orí ọjà wọn.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ká wo ọ̀rá kan. Bí ẹ bá fẹ́ lo ìdá, ẹ kà á lára èrè orí ọjà, ẹ má kà á lára owó tó wọlé. Ẹ ó rí ìwúwo rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ohun kejì ni ti owó ọjà tó ń gun òkè, ó sì ti dun ọ̀pọ̀ èèyàn láìmọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àjọ tó ń ka ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ ní iye owó ọjà ti fi ìdá 34.80 nínú 100 ga ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Nínú ìwé Alhájà, ìgbà kan wà tó ń ta ọ̀rá 600 lóṣù ní ₦2,500, mílíọ̀nù 1.5 sì ń wọlé. Nígbà tó di ₦4,000, ọ̀rá 500 ló ń tà, mílíọ̀nù 2 ló ń wọlé. Ẹni tó ń tẹ̀ lé ìdá 5 á sọ pé ọjà ti gbòòrò, kí ó gbé owó ìpolówó kúrò ní ₦75,000 sí ₦100,000. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rá 100 ló ti sọ nù lóṣù, àwọn tó ń rà á tẹ́lẹ̀ ti lọ ra fùfú. Owó tó wọlé kò lè sọ ìyẹn fún un. Iye ọ̀rá ló lè sọ ọ́.

Àbùkù tó kù ni èyí táwọn olùkọ́ ìmọ̀ ọjà ti ń sọ tipẹ́: ọ̀nà yìí yí ọ̀rọ̀ po. Ìpolówó ló yẹ kó fa ọjà, àmọ́ níbí, ọjà ló ń fa ìpolówó. Ọjà tó bá dákú ni wọ́n ń gba omi lọ́wọ́ rẹ̀. Fún ẹni tó fẹ́ wọ ìlú tuntun, ó tún burú sí i, torí Ìlọrin kò tíì mú kọ́bọ̀ kan wọlé fún Alhájà. Ìdá kí ni a fẹ́ yọ lára òdo?

Èmi náà ti jìn sí kòtò yìí rí. Nígbà tí mo ní ilé ìfọṣọ kékeré kan ní Gáà Àkànbí, mo yọ ìdá 10 láìwo ọ̀tún láìwo òsì, mo fi gbogbo rẹ̀ ra ìpolówó orí rédíò. Orin rẹ̀ dùn, wọ́n gbọ́ ọ dé Jẹ́bbà. Ta ni yóò ti Jẹ́bbà gbé agbádá wá fọ̀ ní Gáà Àkànbí? Rédíò ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Èmi ni mo ní owó lọ́wọ́ kí n tó mọ ohun tí mo fẹ́ rà.

Kí iṣẹ́ fúnra rẹ̀ sọ iye rẹ̀

Ọ̀nà kejì ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ kó ṣẹlẹ̀, pẹ̀lú iye àti ọjọ́. Ẹ kọ àwọn iṣẹ́ tó máa mú un ṣẹlẹ̀. Ẹ fi owó lé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àròpọ̀ rẹ̀ ni bọ́jẹ́ẹ̀tì.

Mo bi Alhájà kí ló fẹ́. Ó ní, "Kí Ìlọrin mọ̀ mí." Mo ní ìyẹn kò ṣe é kà. A fà á títí ó fi di pé: ilé 200 ní Ìlọrin tí yóò máa ra ọ̀rá méjì lóṣù, láàárín oṣù mẹ́fà. Wàyí o, ó ṣe é kà. Ilé kan á máa mú ₦2,400 èrè wá lóṣù.

Ìbéèrè tó le tẹ̀ lé e: èló ni yóò ná an kí ilé kan tó di oníbàárà? Ibí yìí ni ọ̀nà kejì ti máa ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn, nítorí wọ́n á fi àbá kún un, wọ́n á sì pè é ní ìṣirò. Àbá tí a kọ sílẹ̀ dáadáa ṣì jẹ́ àbá. Oògùn rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ dán an wò pẹ̀lú owó kékeré tí kò lè dùn yín bó bá sọ nù.

Alhájà di ọ̀rá kéékèèké 60, ìwọ̀n tí ilé kan á fi ro àmàlà lẹ́ẹ̀kan. Ó fi ọmọbìnrin kan sẹ́nu ọ̀nà ilé ìtajà kan ní Tánkẹ́ fún Sátidé méjì, ó ń fún àwọn ìyálé ilé, ó sì ń kọ nọ́ńbà fóònù ẹni tó bá gbà. Ọ̀rá kéékèèké náà ná an ní ₦30,000, owó ọmọbìnrin náà ₦10,000, mọ́tò láti Ọ̀fà ₦10,000. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦50,000.

Nínú àwọn 60, 15 ra ọ̀rá ńlá lóṣù yẹn. Inú Alhájà dùn, ó fẹ́ fi 15 ṣe ìṣirò. Mo ní kó dúró de oṣù kejì. Àwọn 9 ló padà wá rà. 9 yẹn la ó máa bá lọ, nítorí ẹni tó rà lẹ́ẹ̀kan lè jẹ́ pé ojú ló ń tì í, ó ti jẹ tọ̀fẹ́. ₦50,000 pín sí ọ̀nà 9 jẹ́ nǹkan bí ₦5,600 lórí oníbàárà kan tó dúró. Oṣù méjì ààbọ̀ kò ní pé tí ilé náà yóò fi da owó yẹn padà.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gba ₦5,600 yẹn gbọ́ pátápátá. Àwọn tó kọ́kọ́ ń gbà ni àwọn tó ń wá èlùbọ́ gidi tẹ́lẹ̀. Bí a bá ṣe ń lọ jìnnà sí i la ó máa bá àwọn tí kò fi bẹ́ẹ̀ wá a pàdé, owó orí ẹnì kọ̀ọ̀kan á sì máa gbéra. Èmi máa ń fi ìdá kan nínú mẹ́ta lé e. A fi í sí ₦7,500. Ilé 200 wá di mílíọ̀nù 1.5.

Ẹ rí i pé iye tí ọ̀nà kejì mú jáde ju mílíọ̀nù 1.2 ti ìdá 5 lọ. Kò yani lẹ́nu. Ọ̀nà yìí kì í béèrè bóyá owó wà, ohun tí iṣẹ́ ń fẹ́ nìkan ló mọ̀.

Owó tí àwọn méjèèjì kì í kà

Ọmọ Alhájà ti ń rẹ́rìn-ín ìṣẹ́gun lójú ìwé yẹn. Mo ní kó jẹ́ ká dúró ná.

Bí ilé 200 bá dé lóòótọ́, ọ̀rá 400 ni wọn yóò máa rà lóṣù. Ta ló máa ra gbodo rẹ̀? Àwọn ilé ìtajà Ìlọrin tó máa gbé ọjà náà kì í sanwó lójú ẹsẹ̀. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n ń dá. Ọ̀rá 400 ní ₦2,800 jẹ́ mílíọ̀nù 1.12 tí yóò há sí orí pẹpẹ ẹlòmíràn kí kọ́bọ̀ kan tó padà. Ẹ ro ó mọ́ mílíọ̀nù 1.5 ti ìpolówó, ó di mílíọ̀nù 2.62. Gbogbo ohun tó ń ṣẹ́ kù fún Alhájà lódindi ọdún jẹ́ mílíọ̀nù 2.4. Ìpolówó náà ìbá ṣiṣẹ́, oníbàárà ìbá dé, kí wọ́n wá bá pẹpẹ lófìfo. Èyí burú ju pé kí wọ́n má mọ̀ ọ́n rárá, torí ìyá tó dé ilé ìtajà lẹ́ẹ̀mejì tí kò bá èlùbọ́ náà á padà sí ọjà Ìpàta lọ ra èyí tó ń rà tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà a dín ète kù. Ilé 120: owó ìpolówó ₦900,000, owó ọjà tó máa há ₦672,000, àròpọ̀ mílíọ̀nù 1.572. Ó kù ju ₦800,000 lọ tí gbodo bá wọ́n lójijì.

Bí àwọn méjèèjì ṣe dáhùn ìbéèrè kan náà fún Alhájà nìyí:

| Ìbéèrè | Ìdá lára owó tó wọlé | Ète àti iṣẹ́ |
|---|---|---|
| Èló lọ́dún? | ₦1,200,000 | ₦1,500,000, a sì gé e sí ₦900,000 |
| Kí ni owó náà máa rà? | Kò sọ | Ilé 120 tó ń ra ọ̀rá méjì lóṣù |
| Ìgbà wo la ó mọ̀ pé kò ṣiṣẹ́? | Ìparí ọdún | Oṣù kejì |
| Wàhálà rẹ̀ ń kọ́? | Ìṣẹ́jú márùn-ún | Ìdánwò oṣù méjì, ìwé nọ́ńbà, sùúrù |

Ta ni kó mú èwo?

Bí ọjà yín bá ti ń lọ geere ní ibi kan náà, tí ẹ kò fẹ́ wọ àdúgbò tuntun, tí ẹ kò sì gbé ọjà tuntun jáde, ìdá ni kí ẹ mú. Ilé búrẹ́dì tí gbogbo Sàngó ti mọ̀ kò nílò ìṣirò gígùn láti tún kùn pátákó rẹ̀ àti láti fún àwọn alátagbà ní ẹ̀wù. Kó kà á lára èrè, kó sì fi iye ọjà yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, ó tó.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ sí ibi tí ẹ kò tíì dé, ète ni. Àmọ́ ẹni tí kò tíì dán nǹkan kan wò rí kò ní nọ́ńbà tó fẹ́ fi ṣe é. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, kó fi ìdá kékeré bẹ̀rẹ̀, ìdá 1 tàbí 2, kí ó sì ná gbogbo rẹ̀ lórí ìdánwò, kì í ṣe lórí pátákó ńlá. Ohun tó ń rà ni ìmọ̀ iye tí oníbàárà kan ń ná an.

Èyí tí mo máa ń ṣe fún àwọn oníbàárà tèmi, tí mo sì ṣe fún Alhájà, ni kí n fi ìdá ṣe ọgbà, kí n fi ète ṣe oko inú rẹ̀. Ọgbà náà ni iye tí a kò gbọ́dọ̀ kọjá, kódà bí ète bá dára tó: owó ìpolówó àti owó ọjà tó máa há kò gbọdọ̀ ju ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tó ń ṣẹ́ kù lọ́dún. Ti Alhájà jẹ́ mílíọ̀nù 1.6, mílíọ̀nù 1.572 sì wọ inú rẹ̀. Ìdá méjì nínú mẹ́ta yẹn kì í ṣe òfin ibì kankan, ìbẹ̀rù tèmi ló bí i. Ẹni tó ní gbèsè báǹkì kó dín in kù sí ìdajì.

Lẹ́yìn náà, a kì í kó owó oko náà jáde lẹ́ẹ̀kan. A gé ₦900,000 sí ọ̀nà mẹ́rin, ₦225,000 lẹ́ẹ̀kan. A sì kọ ìlà tí a ó ti dúró sílẹ̀ kí a tó ná kọ́bọ̀ kan, nítorí lẹ́yìn ìnáwó, gbogbo èèyàn ló máa ń rí ìdí tó fi yẹ kí òun tẹ̀ síwájú. Alhájà ní òun lè fara da oṣù mẹ́fà kí owó orí oníbàárà kan tó padà. Oṣù mẹ́fà ní ₦2,400 jẹ́ ₦14,400. Tí a bá fi pín ₦225,000, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 16. Ìlà náà nìyẹn: bí ẹni tó padà wá kò bá pé 16, a dúró.

Ohun kan péré ló tún kù, òun sì ni èyí tí àwọn èèyàn ń fojú kéré. Bí ẹ kò bá mọ ibi tí oníbàárà ti gbọ́, gbogbo ìṣirò yìí ti bàjẹ́. Ẹ má gbára lé kí ẹ máa bi wọ́n, torí ẹni tí ara ń kán á kàn ní "wọ́n júwe yín fún mi." Alhájà fi okùn pupa di ọ̀rá kéékèèké tí wọ́n pín ní Tánkẹ́, ó fi ti aláwọ̀ ewé di èyí tó kó lọ bá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ kan lọ́sẹ̀ tí owó oṣù wọlé. Inú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan ni ìwé pélébé kan wà: ẹni tó bá mú un wá, wọ́n á yọ ₦200 fún un lórí ọ̀rá ńlá àkọ́kọ́. Wọ́n ń kó ìwé náà jọ sínú agolo mílíìkì méjì, wọ́n sì ń kọ nọ́ńbà fóònù sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí wọ́n lè mọ ẹni tó bá padà lóṣù kejì.

Nígbà tí ₦225,000 àkọ́kọ́ tán, ó pe oṣù méjì, ó sì gbé agolo méjèèjì wá sórí tábìlì mi. A kà á. Ilé 24 ló ti padà rà lẹ́ẹ̀kejì, ₦9,375 lórí ẹnì kan. Ó wọ́n ju ₦7,500 tí a retí lọ, ṣùgbọ́n a ò tíì kan ìlà. Mo fẹ́ ti ìwé pa, Alhájà ló fi ọwọ́ lé e.

"Dúró ná. Èló ni okùn pupa nínú rẹ̀?"

Méje ni. Àwọn 17 tó kù jẹ́ ti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, bẹ́ẹ̀ Tánkẹ́ ló sì jẹ ìdajì owó náà. Ó fi gègé fa ìlà lé Sátidé Tánkẹ́ lórí, ó sì bi mí bóyá mo mọ ẹnì kankan nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn olùkọ́.